Ta Ló Sọ Pé Igbe La Fi Ń Gba Owó Ilé?

Ó ti sú mi. Níbi tí onílé méjì bá ti pàdé ní Èkó, ìbáà jẹ́ níbi ìpàdé àdúgbò tàbí níbi ìnáwó, tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ayálégbé tó ń pẹ́ san owó, gbólóhùn kan náà ni wàá gbọ́: ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Wọ́n á ní ẹni tó bá fi ohùn tútù béèrè owó ilé, ayálégbé ti mọ̀ ọ́n ní ọ̀dẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á tún ní kò bójú mu kí onílé mẹ́nu ba owó kí ọjọ́ tó pé, pé bí ẹni tí ebi ń pa ló máa rí. Àpapọ̀ ìmọ̀ràn wọn ni pé kí o dákẹ́ títí ọjọ́ á fi kọjá, kí o wá fi igbe bọnu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn onílé bójú tó ilé wọn, tí mò ń kọ rìsíìtì, tí mò ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, tí mo sì ń bá wọn dé kọ́ọ̀tù nígbà tó bá di ti kọ́ọ̀tù. Mò ń sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí gan-an ló ń bí púpọ̀ nínú gbèsè tí wọ́n ń pariwo lé lórí.

N kò ní fojú di ẹjọ́ wọn, torí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé tó ń pariwo kì í ṣe olówó. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni, tàbí ìyá àgbà tí ọkọ rẹ̀ fi ilé kan ṣoṣo sílẹ̀ fún. Owó ilé yẹn ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ló fi ń jẹun. Wọ́n ti rí ayálégbé tí wọ́n ṣe sùúrù fún, tó jẹ́ pé mọ́tò ló lọ rà nígbà tí gbèsè ilé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹjọ́ ilé máa ń falẹ̀. Èyí tó sì lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ẹni tó jẹ gbèsè lọ́nà márùn-ún, ẹni tó bá ń pariwo jù ló máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Ilé-ìwé á lé ọmọ padà wálé, àwọn oníná á wá já wáyà, àwọn kópáratíìfù á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Onílé tó bá dákẹ́ ni tirẹ̀ á gbẹ̀yìn. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ṣé igbe ni oògùn rẹ̀?

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdákẹ́ tí wọ́n ń pè ní ọ̀wọ̀ yẹn. Ní ìlú tí wọ́n ti ń san owó ilé lóṣooṣù, bóyá ìdákẹ́ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Níhìn-ín, owó ọdún kan là ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ká mú yàrá àti pálọ̀ kan ní ìhà Agége, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Ní 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé ₦85,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, bí kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò wọ mọ́tò, owó oṣù méje rẹ̀ kò tíì tó owó ilé yẹn. Ibo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ rí i? Nínú àjọ ni, tó ní láti bẹ olórí àjọ kí wọ́n jẹ́ kóun kó ṣáájú. Tàbí nínú kópáratíìfù, tó ní láti kọ̀wé, wá onídùúró, kó sì dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gba ọ̀sẹ̀, wọ́n ń gba oṣù. Onílé tó wá dákẹ́ títí di ọjọ́ tí owó pé, tó sì fẹ́ rí àlẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ló rò pé ayálégbé máa ṣe láàárín àárọ̀ sí alẹ́?

Wọ́n á ní ayálégbé mọ ọjọ́ tóun wọlé, kí ni a fẹ́ rán an létí fún? Ó mọ̀ ọ́n, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá iye ti ọdún tó kọjá náà ni. Kò mọ̀ bóyá o fẹ́ kó tún dúró, tàbí o fẹ́ gba ilé fún ọmọ rẹ. Kò mọ̀ bóyá àkáǹtì tó san owó sí tẹ́lẹ̀ ṣì ni. Ẹni tí nǹkan wọ̀nyí kò dá lójú, tí ilé-ìwé sì ti fi ìwé owó ránṣẹ́ sí, ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ló máa dá lóhùn. Àwọn onílé ló sọ fúnra wọn pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ san owó fún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o fi jẹ́ kí gbogbo ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán kí o tó la ẹnu tìẹ? Ilé-ìwé kì í dúró di ọjọ́ tí wọ́n wọlé kí wọ́n tó kọ iye owó sínú ìwé. Oṣù Kẹsàn-án ni owó ilé-ìwé máa ń wúwo jù lọ́wọ́ òbí. Onílé tí owó rẹ̀ pé nínú oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kẹfà ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀, kí ọmọ tó gba ìsinmi, kí àjọ tí wọ́n ń dá tó ti bọ́ sí apá ibòmíràn.

Ohun tí mo máa ń kọ ránṣẹ́ nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta nìyí, ní ti yàrá àti pálọ̀ tí mo mú ṣe àpẹẹrẹ, tí owó rẹ̀ ń parí ní ìparí oṣù Kẹfà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Kẹ́hìndé. Owó ilé yín máa parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Iye ti ọdún tó ń bọ̀ ṣì jẹ́ ₦600,000, a kò fi kún un. Àkáǹtì ti tẹ́lẹ̀ náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ pín in sí méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí oṣù Karùn-ún tó parí ká lè kọ ọ́ sílẹ̀.” Kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí ìbínú. Ó ní ọjọ́, ó ní iye, ó ní ọ̀nà tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o lè gbà wá bá mi kó tó di gbèsè. Nígbà tó bá ku oṣù kan, mo tún un sọ ní ìlà méjì. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ìlà kan ti tó.

Bí owó ilé bá máa lé, mo máa ń sọ ìyẹn lọ́tọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìgbà tí owó pé. Onílé tó bá kọ ìyẹn pọ̀ mọ́ ìránnilétí gbèsè ti fún ayálégbé ní àríyànjiyàn tó máa fi dá gbogbo owó dúró. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ₦150,000 tí o fi kún un, ṣebí ₦600,000 ti àtijọ́ náà ló máa so mọ́wọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

Ó wá ku ti igbe. Jẹ́ ká gbé àtẹ̀jíṣẹ́ onígbe kan sójú, irú èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, nínú gúrúùpù Wátsáàpù tí gbogbo ará ilé wà: “Bàbá Kẹ́hìndé, ojú ẹ ò tì ẹ́. Owó mi ti pé láti ìjẹta. Tí n ò bá rí àlẹ́ẹ̀tì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ìta lo máa bá ẹrù ẹ.” Àwọn tó ń yin irú èyí ní ó ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń ṣiṣẹ́ fún? Oríṣi mẹ́ta ni ayálégbé tó ń pẹ́. Ọ̀kan gbàgbé, tàbí ó ń fi owó rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ béèrè. Irú ẹni yìí, ìlà méjì tó jẹ́jẹ́ á mú un sanwó. Èkejì kò ní in lọ́wọ́: iṣẹ́ ti bọ́, ọjà kò tà, aya wà nílé ìwòsàn. Igbe wo ló lè mú owó jáde nínú àpò tó ṣófo? Ẹ̀kẹta ní in lọ́wọ́, ó kàn pinnu pé òun kò ní san ni. Onígbe ti pọ̀ tó ti pàdé láyé rẹ̀; ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa fóònù, ó mọ wákàtí tó yẹ kóun wọlé. Igbe kò kan ìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tí igbe ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́, ẹni tí ohùn jẹ́jẹ́ ì bá ti mú sanwó láìsí ìjà. Nítorí náà, owó tí wọ́n ní igbe gbà fún wọn, owó tó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Wọ́n á dáhùn pé, ó kéré tán, igbe máa ń mú ẹnì kejì lọ yá owó. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti rí i. Ó lọ yá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi fóònù yáni lówó, èlé rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó san tìrẹ lónìí. Ní ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ìwọ lo máa jẹ nínú ìyà èlé yẹn, torí pé inú owó oṣù kan náà ni wọ́n á ti máa yọ ọ́. Ẹni tí o dójú tì níwájú aládùúgbò rẹ̀ kì í tún wá bá ọ lásìkò tí nǹkan bá ń bàjẹ́. Ó ń sá fún ọ ni. Mo sì fẹ́ kí àwọn onílé gbọ́ èyí dáadáa: ayálégbé tó wá sọ fún ọ ní oṣù Kẹrin pé ọwọ́ òun kò ní tó o ní oṣù Keje sàn fún ọ ju ẹni tó ń wò ọ́ lójú tó ń kí ọ tí kò sọ nǹkan kan. Igbe ló ń sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ di ẹni tó ń dákẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti léwu jù lọ, tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀, ni ti òfin. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, nígbà ìjọba Fáṣọlá, kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeré. Kò kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Fíkítóríà Áílàǹdì, àmọ́ ó dé Agége, ó dé Muṣin, ó dé Ìkòròdú. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá fipá lé ayálégbé jáde láìsí àṣẹ kọ́ọ̀tù, tàbí tó fi ìṣe tàbí ọ̀rọ̀ halẹ̀ mọ́ ọn kó lè jáde, ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Wo àtẹ̀jíṣẹ́ onígbe yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: “ìta lo máa bá ẹrù ẹ.” Èwo ló tún kù kí lọ́yà ayálégbé wá? Ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sì gba kí wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wà nínú fóònù wá síwájú adájọ́, bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ olùpẹ̀jọ́ lánàá lè di ẹni tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ lónìí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi “ẹ” bá gbogbo ayálégbé sọ̀rọ̀ nínú ohun tí mo bá kọ sílẹ̀, kódà ọmọ tí mo lè bí. Adájọ́ ni mo ń kọ ọ́ fún, bí kò tilẹ̀ tíì kà á.

“Jáde kó tó di ọjọ́ Ẹtì” kì í sì í ṣe nóòtísì. Níbi tí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín onílé àti ayálégbé, oṣù mẹ́fà ni òfin yẹn fún ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún, oṣù kan sì ni fún ẹni tó ń san lóṣooṣù; lẹ́yìn èyí ni nóòtísì ọjọ́ méje pé onílé fẹ́ lọ sí kọ́ọ̀tù tó máa tẹ̀ lé e. Onílé tó fi oṣù mẹ́rin pariwo láìfún ayálégbé ní nóòtísì kankan kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́fà náà. Wọ́n ní kọ́ọ̀tù ń falẹ̀. Ta ló wá fi oṣù mẹ́rin ṣòfò ṣáájú kọ́ọ̀tù?

Ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é lẹ́yìn tí ọjọ́ bá kọjá nìyí. Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án, kì í ṣe lálẹ́, kì í ṣe àkókò ìrun Jímọ̀ tàbí ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo máa ń kọ ọ́ sí òun nìkan pé: “Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá Kẹ́hìndé. N kò tíì rí ₦600,000 tó pé ní ọjọ́ 1 oṣù Keje nínú àkáǹtì. Ṣé ẹ ti fi ránṣẹ́?” Ìbéèrè ni, torí pé báǹkì máa ń dá owó dúró lóòótọ́, ìbéèrè sì ń fẹ́ ìdáhùn. Bí ó bá ní òun máa san án láìpẹ́, mo máa ń béèrè ọjọ́ àti iye. “Láìpẹ́” kì í ṣe ọjọ́. Bí ó bá ní òun máa mú ₦200,000 wá ní ìparí oṣù Keje, kí ìyókù tẹ̀ lé e ní ìparí oṣù Kẹjọ àti ti oṣù Kẹsàn-án, mo máa ń kọ ọ́ padà sí i bó ṣe sọ ọ́, mo sì máa ń fi gbólóhùn kan kún un: “Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ara owó ọdún kan, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún tó ń bọ̀, kì í ṣe owó oṣooṣù.”

Gbólóhùn yẹn kò ṣeé yọ. Òfin 2011 sọ pé níbi tí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, ìgbà tí wọ́n ń san owó ilé, tàbí ìgbà tí wọ́n ń béèrè rẹ̀, ni wọ́n fi ń mọ irú ayálégbé tí ènìyàn jẹ́. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí onílé kọ nígbà tó ń béèrè owó lè di ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò? Ẹni tó ń fi ìbínú kọ “mú owó oṣù yìí wá” fún ayálégbé ọlọ́dún ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá wá di ti nóòtísì, ṣé ti oṣù kan ni yóò fún un ni, àbí ti oṣù mẹ́fà? Èyí tó wù kó mú, lọ́yà òdìkejì ti rí ohun tí yóò fi jiyàn. Rìsíìtì náà gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà: iye tó wọlé, ọjọ́ tó wọlé, àsìkò tí owó náà wà fún, àti iye tó kù.

Bí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ dá bá kọjá láìsí owó, mo máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí èkejì bá tún kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ ti parí nìyẹn. N kì í halẹ̀, n kì í dárúkọ lọ́yà lásán. Ọjọ́ tí ayálégbé bá gbọ́ nípa lọ́yà lọ́dọ̀ mi, nóòtísì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé tó ti fi lọ́yà halẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí lọ́yà tó kọ̀wé, ta ló fẹ́ gba ìwé yẹn gbọ́? Ayálégbé á rò pé ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni. Ẹni tí kò bá pariwo rí, ìwé rẹ̀ ni wọ́n máa ń sáré kà.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé jẹ́jẹ́ jẹ́ ìwà ọ̀dẹ̀, ẹ wo ẹni tó le jù nínú wa. Ẹ̀yin ń dákẹ́ fún ọdún kan, ẹ wá ń bú ènìyàn fún oṣù mẹ́rin, lẹ́yìn náà ẹ tún ń bẹ̀ ẹ́, ẹ sì gba ohun tó bá mú wá. Èmi ń sọ̀rọ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, mò ń béèrè ní ọjọ́ kẹta, mò ń gba ọjọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ dá sílẹ̀, tí ọjọ́ kejì bá sì kọjá, ìwé òfin ló kàn. Ta ni ayálégbé lè fi ṣeré nínú àwa méjèèjì? Owó ilé tìyín ni, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ láìtijú, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ kí ó tó pé. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ nìkan, pẹ̀lú iye àti ọjọ́. Ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti dójú ti ọmọ ènìyàn nínú gúrúùpù ará ilé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìta halẹ̀ mọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, ì báà jẹ́ ọdún méjì ló jẹ yín. Onílé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń ṣẹ̀ sí òfin, ó ń ṣẹ̀ sí ayálégbé rẹ̀, owó tó ń tìtorí rẹ̀ pariwo sì ń jìnnà sí i.